Àpótí Oníhò Méjìdínlọ́gbọ̀n

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin báyìí, kò sì tíì fẹ̀yìn tì. Ó ní àwọn tó ń fẹ̀yìn tì, ara ògiri ni wọ́n ń fẹ̀yìn tì, òun ò sì tíì rí ògiri tó lè gba òun dúró.

Ọkọ méjì ló fẹ́. Èkíní kú, ó sunkún rẹ̀ dáadáa. Èkejì ò kú, ó lé e. Ó ní èyí tí òun lé yìí ló dun òun jù, torí ó mú àlùmọ́gàjí òun tó dára jù lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Obìnrin ni, olùkọ́ sì ni. Èmi ni mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi nínú ọmọ ìyá wa. Káfíńtà ni mí. Ìwé tí mo kà ò ju kí n kọ ìwọ̀n sára pákó lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí mo bá kọ máa ń pé.

Ìsàlẹ̀ ilé ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀ kan. Pálọ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù. Màṣíìnì rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ẹlẹ́sẹ̀ ni, irin tó wúwo bí akọ màlúù. Láti orí àga rẹ̀ ló ti ń wo òpópónà, ó ń bú ẹni tó bá wọ aṣọ tí wọn ò rán dáadáa. Àwọn kan mọ̀, wọ́n á gba ẹ̀yìn kọjá.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, ó sun ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kejì, màṣíìnì ló gbá mú, kò jẹ́ kó dé ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí àwọn olùkọ́ ti máa ń sọ ohun tí wọn ò ní yí padà: ìṣubú kẹta, òun á kó ìyá òun lọ sílé òun.

Òkè kẹta ni ilé ọmọ náà. Màṣíìnì ò lè gun àtẹ̀gùn yẹn. Ọmọ náà ní kí wọ́n tà á. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nílé, ó jókòó sórí pákó tí mo ń fá, ó ní, “Wọ́n fẹ́ tà mí.”

Mo ní màṣíìnì ni wọ́n fẹ́ tà.

Ó ní, “Ohun tí mo sọ nìyẹn.”

Ọmọ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gbà pé oògùn ló fa ìṣubú náà, pé ìyá òun ń gbàgbé rẹ̀. Kò parọ́. Oògùn ẹ̀gbọ́n mi pọ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru wà. Ti ìtọ̀ ṣúgà wà, òwúrọ̀ àti alẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ. Èyí tó ń fa omi kúrò lára wà, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà. Ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà, tó ń lò tó bá fẹ́ sùn. Ti egungun jẹ́ oríṣi méjì, èyí tó ń jẹ lọ́sàn-án lójoojúmọ́, àti èyí tó ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, oògùn ìrora wà, tó ń lò tí eékún bá ń dùn ún, tàbí tí òjò bá ń rọ̀ tó ń rò pé ó máa dùn ún.

Inú agolo bisikíìtì ni gbogbo rẹ̀ wà pẹ̀lú òwú. Àwọn kan wà láàárín bọ́tìnnì. Ó máa ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ohun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ni yóò lò.

Ọmọ rẹ̀ ra àpótí kan. Ike ni, kò fẹ̀ ju ìwé ńlá lọ. Ìlà méje ni fún ọjọ́ méje, ihò mẹ́rin sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: òwúrọ̀, ọ̀sán, alẹ́, àti àkókò orun. Méjìdínlọ́gbọ̀n lápapọ̀. Gbogbo ihò ló ní ìdérí tirẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, mo yẹ ìdérí rẹ̀ wò, wọ́n dọ́gba.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó ní ilé ẹyẹlé nìyí, àwọn ẹyẹ dà?

Lẹ́tà òyìnbó kan ṣoṣo ló wà lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú wọn rí bákan náà, méjì mìíràn tún rí bákan náà. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé èwo nínú àwọn ìbejì yìí ni ọjọ́ Àìkú. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró gbọ́. Ó gé àkísà méje, ọjọ́ kan àwọ̀ kan, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Àìkú funfun, Ajé aláwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́rú ló fún ní àkísà ṣòkòtò ọkọ kejì. Ó ní ọjọ́ tí òun ò fẹ́ràn nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀ kó oògùn sínú àpótí ní alẹ́ Àbámẹ́ta. Ó fọ ọwọ́, ó nu ọwọ́ gbẹ, ó da agolo náà sórí tábìlì, ó kọ gbogbo oògùn sínú ìwé. Ó bi ìyá rẹ̀ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún àti ìgbà tó ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. Oògùn kan wà tí kò ní páálí. Yẹ́lò ni, ó rí roboto, inú ìgò bọ́tìnnì ló wà lábẹ́ màṣíìnì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọsibítù ńlá ló fún òun, ọ̀kan láàárọ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ rẹ̀ ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní òun lòun wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe olùkọ́.

Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi ọ̀kan sí òwúrọ̀ gbogbo ọjọ́. Ihò òwúrọ̀ ní márùn-ún, ọ̀sán ọ̀kan, alẹ́ ọ̀kan, orun ọ̀kan. Ìyẹn mẹ́jọ lójúmọ́, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lọ́sẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó pé. Èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ àti ti ìrora, ó dá wọn sí inú páálí wọn. Ohun tó ṣe mọ́. Ká ní mo ní ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ǹ bá ti là.

Láti Àìkú, ẹ̀gbọ́n mi ń lo oògùn bí ọmọ ogun. Àkísà funfun lónìí, aláwọ̀ ewé lọ́la. Inú ọmọ rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ilẹ̀ ń yí bí òun bá dìde. Mo ní kó rọra máa dìde. Ìmọ̀ràn tí mo ní nìyẹn.

Ọjọ́rú, lábẹ́ àkísà ṣòkòtò ọkọ kejì, ó dìde nídìí màṣíìnì láti ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, ó sì lọ sílẹ̀ gbalaja. Orí rẹ̀ ò lu nǹkan kan. Oníbàárà ló gbé e dìde. Kí ó tó jókòó tán, ó ti ń sọ fún obìnrin náà pé apá aṣọ tó wọ̀ ò dọ́gba.

Ìṣubú kẹta nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú páálí ńlá mẹ́fà láti kó ẹrù. Ó ní Àbámẹ́ta ni ọkọ̀ máa wá. Kò pariwo. Ó tún sunkún díẹ̀, ó yíjú sí ògiri kí a má baà rí i. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àgbá kẹ̀kẹ́ màṣíìnì. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìyẹn ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ìgbà yẹn nìkan ni mo rí i tí kò rí ẹni bú.

Ohun kan ń dà mí láàmú. Nígbà tí oògùn wà nínú agolo, tó ń lò ó bó ṣe rí, ìṣubú méjì ló ṣe ní oṣù mẹ́ta. Nígbà tó wá ń lò ó bó ṣe tọ́, kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tó fi ṣubú. Bí àga bá dúró nígbà tí ìṣó rẹ̀ ò pé, tó wá wó nígbà tí o kan gbogbo ìṣó, ìṣó kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Mo sọ fún ọmọ náà pé kó fún mi láyè di ọ̀la. Ó ní, “Bàbá Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pákó nìyí.” Mo ní mo mọ̀. Ó fún mi láyè di ọ̀la.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi tó lo nǹkan kan, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Kí n tó kan ohunkóhun, mo máa ń to gbogbo igi kalẹ̀, màá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tó ń gbé dúró. Mo mú oògùn kọ̀ọ̀kan láti inú ihò Ọjọ́bọ̀, mo fi í sí iwájú páálí tó jẹ́ tirẹ̀. Oríṣi méje ló wà nínú àpótí. Páálí mẹ́fà ló wà fún wọn. Yẹ́lò náà ò nílé.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, àpótí, páálí àti ìwé ọmọ, mo di ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú, a lọ bá obìnrin apòògùn tó wà ní ìkángun òpópónà. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ni. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà ìsinmi kejì ó ní tí òun bá kú síbí, kí n má jẹ́ kí aránṣọ tó wà lódìkejì rán aṣọ òkú òun.

Apòògùn náà jẹ́ obìnrin kékeré tó máa ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ka oògùn méjì-méjì lórí àwo. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìjókòó, ó ní kó dìde, ó tún wọ̀n ọ́n. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó tún fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó wú, ó tẹ̀ ẹ́. Ibi tó tẹ̀ jìn sínú, kò tètè padà.

Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, tó bá sì dìde, ó tún ń lọ sílẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣebí ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní kí wọ́n mú wálẹ̀, ó ti wálẹ̀, kí ni ẹ̀sùn tó kù.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ọmọ náà. Ó dé orí yẹ́lò, ó dúró. Ó béèrè páálí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí. Ó béèrè ìwé tí ọsibítù fi dá a sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ronú, ó ní òun fi gé àwòṣe kọ́là ẹ̀wù.

Mo ní ṣé kò lè wo oògùn náà kó mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Bàbá, mi kì í fi àwọ̀ dá oògùn mọ̀. Yẹ́lò roboto tí mo mọ̀ lé ní ogún. Tí mo bá ṣì í mọ̀, Màmá ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ lọ wá páálí yẹn. Ẹ lọ báyìí, mo ń dúró.”

Mo fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó lè rí ẹni bá jà.

Mo wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wá inú agolo. Mo wá inú páálí mẹ́fà tí wọ́n fẹ́ fi kó ẹrù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfìfo ni wọ́n. Mo jókòó sórí àga rẹ̀ nídìí màṣíìnì, mo sì wo ibi tí òun máa ń wò. Àpótí òwú wà lápá ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ra ohun tí wọ́n ń wé òwú lé. Páálí ló máa ń ká, tó fi ń wé e: páálí ọṣẹ, páálí ìṣáná, páálí tíì. Mo ti rí i fún ọgọ́ta ọdún, mi ò sì rí i mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú. Pupa, ọṣẹ ni. Dúdú, tíì. Mo tú mẹ́jọ. Èyí tó jẹ́ aláwọ̀ sánmà ló pẹ́ jù. Bí òwú ṣe ń tán, mo rí àmì àgbélébùú kékeré, mo wá rí orúkọ ńlá, àti orúkọ kékeré lábẹ́ rẹ̀, àti àwòrán oògùn kan. Yẹ́lò. Roboto.

Mo sáré. Ní ọjọ́ orí mi, ẹni tó rí mi lè má pè é ní ìsáré.

Apòògùn náà gba páálí, òwú ṣì so mọ́ ọn. Ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti tẹ́lẹ̀. Ó fi ìka tẹ orúkọ kékeré ti àkọ́kọ́, ó tún fi tẹ ti èkejì. Ó ṣàlàyé fún wa pé orúkọ ńlá ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un. Orúkọ kékeré ni oògùn fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ méjì, àwọ̀ méjì, oògùn kan. Ìwọ̀n wọn náà dọ́gba. Ọsibítù ńlá ti fún un ní ohun tó ti ní nílé.

Ó ní, “Màmá, ìlọ́po méjì lẹ ń lò.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Nígbà tí mo ń gbàgbé ńkọ́?”

Ó ní nígbà yẹn, ìgbàgbé ń ṣàánú Màmá.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tó gbàgbé tí kò ní sọ pé apòògùn ló fọwọ́ sí i.

Obìnrin náà ò dá nǹkan kan dúró fúnra rẹ̀. Ó pe dókítà ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó ka iye tó wọ̀n fún un àti orúkọ méjèèjì. Dókítà ní kí wọ́n yọ yẹ́lò kúrò, kí wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi wá rí òun lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ẹtì náà, dókítà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn máa ń mú ẹsẹ̀ wú, pàápàá tó bá pọ̀ jù. Èyí tó ń fa omi, torí ẹsẹ̀ wíwú nìkan ni wọ́n ṣe fi kún un, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ sí i. Ó ní kí wọ́n dá èyí náà dúró, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ lójoojúmọ́, kí òun tún rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Oògùn kan mú ẹsẹ̀ wú, wọ́n fún un ní èkejì nítorí ẹsẹ̀, èkejì bá èkíní gbé e ṣubú. Mo ti rí ilé tí wọ́n kọ́ báyìí.

Ọmọ rẹ̀ dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ọkọ̀. Mo gbé páálí yẹ́lò náà fún un, òwú àti gbogbo rẹ̀. Ó kà á. Ó jókòó. Ó ní òun lòun kó o sínú àpótí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé òun ni òun fi ọwọ́ ara òun ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó má gba iṣẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe. Ó ní, “Èmi ni mo fi oògùn sínú bọ́tìnnì. Ìwọ kàn kó o jáde bí ọmọ gidi ni. Ní kí ọlọ́kọ̀ máa lọ.”

Ọmọ náà wo ọlọ́kọ̀, ó wo màṣíìnì. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ìyá òun bá tún ṣubú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó gbà.

Àpótí náà wá di iṣẹ́ àwa mẹ́ta. A ń kó o ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Àbámẹ́ta. Tábìlì gbọ́dọ̀ mọ́, ọwọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ, rédíò gbọ́dọ̀ kú. Ọmọ á mú páálí kan, á ka orúkọ kékeré sókè, á fi ọ̀kan-ọ̀kan sí ọjọ́ méjèèje, á dé páálí náà kó tó mú òmíràn. Kì í ṣí páálí méjì pọ̀. Tó bá tán, èmi á kà. Òwúrọ̀ mẹ́ta, ọ̀sán ọ̀kan, alẹ́ ọ̀kan, orun ọ̀kan. Mẹ́fà lójúmọ́, méjìlélógójì lọ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ mọ́kànlélógójì, a ò ní dìde.

Èmi náà ṣe àṣìṣe tèmi. Mo fẹ́ kí ti egungun tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ náà wà nínú ihò òwúrọ̀ Ajé pẹ̀lú àwọn yòókù, kó lè tò. Apòògùn ní rárá o. Ó ní tó bá dá wà nínú páálí rẹ̀ ló dára, torí oògùn yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé mì tí inú bá ṣófo, pẹ̀lú ife omi lásán tó kún, wọ́n á sì jókòó ṣanṣan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jẹ tàbí lo ohun mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti ìgbà ìgbéyàwó kejì, òun ò tíì jókòó ṣanṣan fún ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jókòó. Mo máa ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Ajé, ó na ẹ̀yìn gbọọrọ bí ayaba, ó ń wo aago, ó ń bú u.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ilẹ̀ ṣì yí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó di màṣíìnì mú, ó dúró títí ó fi kọjá. Kò fi pamọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò yí mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ń lọ sílẹ̀. Bàtà dúdú rẹ̀ tó ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń wú, ó wọlé sẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìsí ìjà.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìjókòó àti ní ìdúró, ó ní ó dára. Ọmọ rẹ̀ dé pálọ̀ nírọ̀lẹ́, ó bá a lórí àga. Ó ní kó dìde. Ẹ̀gbọ́n mi dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò di nǹkan kan mú, ó rìn yí màṣíìnì ká nínú bàtà dúdú, ó tún jókòó. Ó ní ó tó, kì í ṣe ẹṣin tí wọ́n fẹ́ rà.

Ọmọ náà bọ́ bùláòsì rẹ̀, ó dúró nínú ṣẹ́mísì, ó na bùláòsì náà sí ìyá rẹ̀. Ọrùn bùláòsì náà ti ya láti oṣù kan, ó ń retí pé màṣíìnì á ti lọ kí òun tó ní láti bẹ ìyá òun kó rán an. Ẹ̀gbọ́n mi yẹ ọrùn náà wò. Ó ní ta ló rán ìranù yìí. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló rán an.

Páálí ńlá mẹ́fà náà wà níbẹ̀ di òní, àkísà ló wà nínú wọn. Páálí oògùn nìkan ni mo ní kó má fi wé òwú mọ́. Mo gbẹ́ ohun tí á máa wé òwú lé, méjìlá, fún un láti ara igi, mo fá wọn, wọ́n dọ́gba. Ó kà wọ́n. Ó ní wọ́n dára, ṣùgbọ́n ìkẹsàn-án gùn ju àwọn yòókù lọ.

Mo wọ̀n ọ́n. Kò gùn.